Ẹ̀jẹ̀ Ta Ni Ẹ Fẹ́ Fà Sí Mi Lára?

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti yẹ̀ wò, tí kò ní kòkòrò éèdì tàbí àrùn mẹ́dọ̀wú nínú, tó wá láti ara ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le koko, lè pa ẹni tí wọ́n fà á sí lára kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ náà bàjẹ́. Ara ẹni tó gbà á ni kò mọ̀ ọ́n, tó sì dìde sí i. Ohun tó ń dùn mí jù nínú irú ikú bẹ́ẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú wọn kì í ti ọwọ́ láàbù wá. Àwọn ará láàbù yẹ ẹ̀jẹ̀ wò dáadáa, wọ́n sì gbé èyí tó bá ẹ̀jẹ̀ inú ìgò mu jáde. Orúkọ tí wọ́n kọ sára ìgò ni kì í ṣe orúkọ ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀. Kí a tó lè mọ bí àṣìṣe tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ṣe ń di ikú, ó yẹ kí a mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú iṣan láti ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ àjèjì bá ti kán sínú rẹ̀.

Ṣúgà ló ń sọ ẹ̀jẹ̀ di A tàbí B. Ara sẹ́ẹ̀lì pupa kọ̀ọ̀kan kún fún àwọn ẹ̀wọ̀n ṣúgà kéékèèké tí ojú kò lè rí. Ẹ̀wọ̀n kan náà ni gbogbo wa fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ O kò fi nǹkan kan kún un. Ara ẹni tó jẹ́ A ń fi ẹyọ ṣúgà kan sí ìparí rẹ̀, ara ẹni tó jẹ́ B ń fi òmíràn sí i, ara ẹni tó jẹ́ AB sì ń ṣe méjèèjì. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ṣúgà A àti ṣúgà B kò tó nǹkan rárá, ṣùgbọ́n ẹyọ sẹ́ẹ̀lì pupa kan ṣoṣo lè ru tó mílíọ̀nù kan irú àmì bẹ́ẹ̀ sára. Ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá la ti ń jogún rẹ̀. Bàbá tó jẹ́ A àti ìyá tó jẹ́ B lè bí ọmọ tó jẹ́ O, bí àwọn méjèèjì bá gba O láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn òbí tiwọn tí kò hàn lára wọn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má torí ìyẹn fi ẹ̀sùn kan ìyàwó rẹ̀.

Ohun kan tún wà tó máa ń da àwọn èèyàn wa rú. Tí dókítà bá béèrè gúrúùpù ẹ̀jẹ̀, ọ̀pọ̀ a dáhùn pé, "AA ni mí." AA, AS àti SS jẹ́ jínótáìpù, ìyẹn irú èròjà pupa tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì náà, èyí tí a fi ń mọ ẹni tó ní àrùn sẹ́ẹ̀lì dídà bíi dòjé. Kò kan ṣúgà tó wà lára sẹ́ẹ̀lì níta. Ẹni tí jínótáìpù rẹ̀ jẹ́ AA lè jẹ́ O, ó lè jẹ́ B, ó sì lè jẹ́ gúrúùpù èyíkéyìí. Nílẹ̀ wa, gúrúùpù O ló pọ̀ jù, nǹkan bí ìdajì àwọn èèyàn ló jẹ́ bẹ́ẹ̀. AB ló ṣọ̀wọ́n jù.

Dókítà Karl Landsteiner ló kọ́kọ́ rí ìyàtọ̀ yìí ní ìlú Fìẹ́nà, lórílẹ̀-èdè Ọ́sítíríà. Ó gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára ara rẹ̀ àti lára àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ó ya sẹ́ẹ̀lì pupa sọ́tọ̀ kúrò lára omi ẹ̀jẹ̀, ó wá ń po omi ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan mọ́ sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn. Nígbà mìíràn, ẹ̀jẹ̀ náà á dọ́gba láìsí ìyọnu. Nígbà mìíràn, àwọn sẹ́ẹ̀lì á ṣù pọ̀ níbì kan níbì kan bíi wàrà tó ń dì. Nígbà tí yóò fi tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1901, ó ti rí i pé ìlànà kan wà nínú bí wọ́n ṣe ń ṣù, ó sì pín àwọn èèyàn sí gúrúùpù mẹ́ta. Ọdún kejì ni àwọn ẹlòmíràn rí ẹ̀kẹrin, AB, tó ṣọ̀wọ́n. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn dókítà ti ń fa ẹ̀jẹ̀ sí aláìsàn lára, àwọn kan ń yè, àwọn kan ń kú, kò sì sí ẹni tó lè sọ ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ yìí ló gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní ọdún 1930.

Ìlànà tí Landsteiner rí kò le. Ohun tí o kò ní lára sẹ́ẹ̀lì rẹ ni omi ẹ̀jẹ̀ rẹ máa ń bá jà. Ẹni tó jẹ́ A ní àńtíbọ́dì tó ń bá B jà. Ẹni tó jẹ́ B ní èyí tó ń bá A jà. Ẹni tó jẹ́ AB kò ní ìkankan. Ẹni tó jẹ́ O, tí kò ní ṣúgà kankan ní ìparí ẹ̀wọ̀n rẹ̀, ní méjèèjì. Ibi tó yẹ kí ó yà wá lẹ́nu ni pé èèyàn kò ní láti gba ẹ̀jẹ̀ rí kó tó ní àwọn àńtíbọ́dì wọ̀nyí. Ọmọ tuntun kì í ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n láàárín oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìbí, ara rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wọ́n. Ohun tó fà á ni pé àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń gbé inú ìfun wa àti inú oúnjẹ ní ṣúgà tó jọ A àti B lára. Ara ọmọ ń kọ́ láti bá èyí tó ṣàjèjì sí i jà, yóò sì fi èyí tó jọ tirẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá máa fa ẹ̀jẹ̀ sí àgbàlagbà lára fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, àńtíbọ́dì náà ti wà nílẹ̀ ó ti pẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan tọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ. Obìnrin kan tó jẹ́ O ṣe iṣẹ́ abẹ iju, ẹ̀jẹ̀ dà púpọ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n fa páìǹtì kan sí i. Nọ́ọ̀sì tó gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò ti gba ti obìnrin mìíràn tẹ́lẹ̀, ó gbé ìgò méjèèjì lọ sí ìdí tábìlì kó lè kọ orúkọ sí wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ṣi ọ̀kan fi rọ́pò èkejì. Láàbù rí A nínú ìgò náà, wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ A jáde. Wọ́n so ó kọ́.

Bí mílílítà díẹ̀ bá ti wọlé, àńtíbọ́dì obìnrin náà á so mọ́ ṣúgà A. Àńtíbọ́dì yìí tóbi. Ìsọ̀rí márùn-ún ló lẹ̀ mọ́ra, ó ní ọwọ́ mẹ́wàá tó fi ń di nǹkan mú, ó sì lè di sẹ́ẹ̀lì púpọ̀ mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ṣíṣùpọ̀ yẹn kọ́ ló ń pani. Lẹ́yìn tí àńtíbọ́dì bá ti lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì, á jí àwọn èròjà kan nínú omi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kọ́ńpílímẹ́ǹtì. Èyí àkọ́kọ́ á jí èkejì, èkejì á jí ẹ̀kẹta, títí àwọn tó kẹ́yìn á fi para pọ̀ lu ihò sí ara sẹ́ẹ̀lì náà. Omi á rọ́ wọlé, sẹ́ẹ̀lì á wú, á bẹ́. Inú iṣan gan-an ni gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Wàhálà mẹ́ta ló tẹ̀ lé e, wọ́n sì máa ń rìn pọ̀. Èròjà pupa tó dà jáde láti inú sẹ́ẹ̀lì tó bẹ́ á gba inú kíndìnrín kọjá, á bà á jẹ́, ìtọ̀ á sì pupa tàbí kó dúdú bíi kólà. Àwọn àjákù kọ́ńpílímẹ́ǹtì á mú kí iṣan tú sílẹ̀, ìfúnpá á já wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí kíndìnrín tó ti fara pa yẹn á sì tún dínkù. Ẹ̀kẹta ni pé àwọn èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbi tí kò yẹ, wọ́n á máa dì wẹ́wẹ́wẹ́ káàkiri ara títí wọ́n á fi tán. Nígbà tí wọ́n bá tán, ojú ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀, ibi tí wọ́n gún abẹ́rẹ́ sí náà á máa ṣẹ̀jẹ̀. Aláìsàn tí wọ́n tìtorí ẹ̀jẹ̀ dídà fa ẹ̀jẹ̀ sí lára á wá máa ṣẹ̀jẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kí ni obìnrin náà fúnra rẹ̀ á rí? Ọ̀pọ̀ ìgbà, ara rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ mọ̀, kí ẹ̀rọ kankan tó mọ̀. Iṣan tí wọ́n so ẹ̀jẹ̀ mọ́ á máa ta á, ẹ̀yìn ìbàdí á máa ro ó, àyà á fún un, ara á gbóná, òtútù á máa mú un, àyà rẹ̀ á sì já. Àwọn dókítà tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí kì í fi ojú tín-ín-rín wo aláìsàn tó bá sọ pé, "Dókítà, nǹkan kan ń ṣe mí, mi ò mọ̀ ọ́n." Ẹni tó wà lábẹ́ oògùn oorun nínú yàrá iṣẹ́ abẹ kò lè sọ̀rọ̀, nítorí náà ìfúnpá tó ń lọ sílẹ̀, ọgbẹ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ láìnídìí àti ìtọ̀ tó pupa nínú àpò ni yóò sọ ọ́.

Bí ẹ̀jẹ̀ tó wọlé bá ṣe pọ̀ tó ni ewu náà ṣe ń pọ̀ tó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fà á díẹ̀díẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́, tí nọ́ọ̀sì sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí, kó yẹ ìgbóná ara, ìfúnpá àti ìlù ọkàn wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn. Bí mílílítà 30 péré bá wọlé, ó lè gbẹ̀mí. Síbẹ̀, ẹni tí wọ́n tètè dá tirẹ̀ dúró sábà máa ń yè, nígbà tí ẹni tí wọ́n fa odindi páìǹtì sí lára wà nínú ewu ńlá. Ohun àkọ́kọ́ láti ṣe kò gba ẹ̀rọ kankan: kí wọ́n dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró. Wọ́n á yọ rọ́bà rẹ̀ pátá, wọ́n á fi omi dírípù oníyọ̀ pẹ̀lú rọ́bà tuntun sí ojú iṣan náà kó má baà dí. Wọ́n á tún orúkọ ara àpò àti ti aláìsàn kà. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ tuntun lára aláìsàn, wọ́n á sì dá àpò náà padà sí láàbù pẹ̀lú ohun tó kù nínú rẹ̀.

Ibi yìí ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà, torí ara gbígbóná nígbà tí a ń fa ẹ̀jẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Ibà lásán lè fà á nílẹ̀ wa níbí. Ó tún lè jẹ́ àwọn èròjà kan láti inú sẹ́ẹ̀lì funfun ẹni tó fún wa lẹ́jẹ̀, èyí tí kì í pa ènìyàn. Báwo ni láàbù ṣe ń mọ̀ pé gúrúùpù ló kọlu gúrúùpù? Wọ́n á fi ẹ̀rọ yí ìgò ẹ̀jẹ̀ tuntun yẹn kí sẹ́ẹ̀lì lè rẹ̀ sísàlẹ̀. Omi tó kù lókè yẹ kó ní àwọ̀ bíi koríko gbígbẹ. Bó bá pupa, sẹ́ẹ̀lì ti ń bẹ́ nínú iṣan nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣe àyẹ̀wò tí Robin Coombs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1945, èyí tó ń fi hàn bóyá àńtíbọ́dì ti lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú ara aláìsàn. Wọ́n á sì tún gúrúùpù aláìsàn àti ti àpò yẹ̀ wò. Nínú àpẹẹrẹ wa, ibẹ̀ ni àṣírí máa tú: O ni ìgò tuntun máa sọ, A sì ni ìgò àkọ́kọ́ sọ.

Kírọ́ọ̀sì-máàṣì ńkọ́? Àyẹ̀wò tí gbogbo ènìyàn gbọ́kàn lé yìí ni pé wọ́n á po omi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn mọ́ sẹ́ẹ̀lì ẹni tó fẹ́ fún un lẹ́jẹ̀, wọ́n á wò ó bóyá ó ṣù. Àyẹ̀wò tó dára gan-an ni, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ inú ìgò ló ń yẹ̀ wò. Kò mọ ara ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí ìgò bá ti ṣì, kírọ́ọ̀sì-máàṣì á kàn fọwọ́ sí àṣìṣe náà ni.

Nítorí náà ni mo fi gbà pé àṣà tiwa gan-an ní ohun tó kàn án nínú ọ̀rọ̀ yìí. A kì í pe àgbàlagbà lórúkọ. Ní wọ́ọ̀dù, Màmá ni, Alhájà ni, Ìyá Bọ̀sẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì tó gbé ẹ̀jẹ̀ dé á sì béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Màmá, ẹ̀yin ni Màmá Adébáyọ̀, àbí?" Màmá tó ń ṣàárẹ̀, tí etí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ mọ́, á mi orí. Ìbéèrè yẹn kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Èyí tó yẹ ni, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ orúkọ yín ní kíkún fún mi." Kí ó jẹ́ pé ẹnu aláìsàn ni orúkọ ti jáde, kí wọ́n sì fi wé èyí tó wà lára àpò àti ọwọ́ rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ilé ìwòsàn.

Nọ́ńbà yẹn ló ń gba àwọn ìbejì là. Ilẹ̀ Yorùbá wà lára ibi tí wọ́n ti ń bí ìbejì jù lọ láyé, Igbó-Ọrà sì gbajúmọ̀ fún un. Táíwò àti Kẹ́hìndé ní orúkọ ìdílé kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà, àdírẹ́sì kan náà, nígbà mìíràn wọ́n sì jọ wà ní wọ́ọ̀dù kan náà pẹ̀lú ibà tó gbẹ ẹ̀jẹ̀ lára wọn. Ọ̀pọ̀ ìbejì wa ni kò jọra, èyí tí inú ẹyin méjì ti wá, gúrúùpù wọn sì lè yàtọ̀ bíi ti ọmọ ìyá yòókù. Ìyàtọ̀ lẹ́tà díẹ̀ nínú orúkọ ni gbogbo ohun tó wà láàárín Táíwò tó jẹ́ O àti Kẹ́hìndé tó jẹ́ B.

Bí ẹnì kan bá sọ pé kí wọ́n kúkú máa fún gbogbo èèyàn ní O, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì O kò ní ṣúgà tí ẹnikẹ́ni máa bá jà. Ṣùgbọ́n níbi tó jẹ́ pé odindi ẹ̀jẹ̀, pẹ̀lú omi rẹ̀, ni wọ́n ń fà, omi ẹ̀jẹ̀ O náà ní àńtíbọ́dì méjèèjì nínú. Àwọn olùwádìí ní Nàìjíríà ti rí i léraléra pé àwọn O kan láàárín wa ní irú rẹ̀ tó le débi pé ó ń bẹ́ sẹ́ẹ̀lì A tàbí B bí wọ́n bá pàdé nínú ìgò. Tí wọ́n bá fa irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó jẹ́ A, ọ̀tá ti ìta wọlé nìyẹn: sẹ́ẹ̀lì aláìsàn fúnra rẹ̀ ló máa bẹ́. Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ tó bá gúrúùpù ẹni mu ló dára jù, bí àkókò bá wà.

Rísọ́ọ̀sì jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ní ọdún 1939, Philip Levine àti Rufus Stetson ròyìn obìnrin kan ní Nìú Yọ́ọ̀kì tó bí òkú ọmọ. Ó ṣẹ̀jẹ̀ púpọ̀, wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀ sí i. O ni òun, O ni ọkọ rẹ̀. Síbẹ̀, òtútù mú un, orí àti ẹsẹ̀ ń ro ó. Nígbà tí wọ́n po omi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ẹlòmíràn tí gúrúùpù wọn bá tirẹ̀ mu, ó mú sẹ́ẹ̀lì èyí tó ju mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn lọ ṣù. Ohun kan tí kì í ṣe A tàbí B wà lára wọn, tí obìnrin náà kò ní. Ara ọkọ rẹ̀ ni ọmọ inú rẹ̀ ti jogún rẹ̀, ara ọmọ ni ara ìyá ti mọ̀ ọ́n. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Landsteiner, tó ti wà ní Amẹ́ríkà nígbà náà, pẹ̀lú Alexander Wiener, fi ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ rísọ́ọ̀sì rí àmì tí wọ́n fi orúkọ ọ̀bọ náà pè.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú àwọn àmì rísọ́ọ̀sì ni D. Purotéènì ni, kì í ṣe ṣúgà, kòkòrò inú ìfun kò sì ní ohun tó jọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò ní D, tí a ń pè ní nẹ́gétíìfù, kì í fi ní àńtíbọ́dì rẹ̀ láti kékeré. Bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ pọ́sítíìfù sí i lẹ́ẹ̀kan, ó lè má sí nǹkan kan tó hàn. Láàárín ọ̀sẹ̀ sí oṣù mélòó kan, ara rẹ̀ á máa kọ́. Ìgbà kejì ló máa jà. Àńtíbọ́dì tirẹ̀ kéré, ọwọ́ méjì péré ló ní, kì í sábà jí kọ́ńpílímẹ́ǹtì. Ńṣe ló ń sàmì sí sẹ́ẹ̀lì, tí ẹ̀yà ara kan lápá òsì, lábẹ́ egungun ìhà, á máa ṣà wọ́n jẹ. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí aláìsàn ti lọ sílé kí pí-sí-fíì rẹ̀ tó já wálẹ̀, kí ojú rẹ̀ sì pọ́n bíi ti ẹni tó ní ibà pọ́njúpọ́ntọ̀.

Kíkéré yẹn ló mú kó léwu fún aboyún, torí àńtíbọ́dì kékeré ń gba inú ibi ọmọ kọjá sára ọmọ. Àńtíbọ́dì ńlá inú ọ̀rọ̀ A àti B kò lè kọjá. Bí ìyá nẹ́gétíìfù bá lóyún ọmọ pọ́sítíìfù, ẹ̀jẹ̀ ọmọ sábà máa ń dà pọ̀ mọ́ tirẹ̀ nígbà ìbí. Àkọ́bí á yè. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni sẹ́ẹ̀lì wọn lè máa parẹ́ nínú oyún, tí wọ́n á bí wọn pẹ̀lú ara tó pọ́n, tàbí tí wọ́n á kú kí a tó bí wọn. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn nílẹ̀ wa, nǹkan bíi márùn-ún ló jẹ́ nẹ́gétíìfù. Wọn kò pọ̀, nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń pè é ní àbíkú kí wọ́n tó gbọ́ ọ rí.

Láti ọdún 1968 ni abẹ́rẹ́ tó ń dènà rẹ̀ ti wà lọ́jà. Omi ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn tó ní àńtíbọ́dì D lára ni wọ́n ti ń ṣe é. James Harrison, ará Ọsirélíà, fi omi ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ fún un ní ìgbà 1,173. Wọ́n ń gún un fún ìyá láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn ìbí ọmọ pọ́sítíìfù, bó bá sì ṣeé ṣe, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 28 oyún náà. Oyún tó bàjẹ́, tàbí èyí tó dúró sí ìta ilé-ọmọ, náà ń fẹ́ ẹ, èyí sì ni ibi tí wọ́n ti sábà máa ń gbàgbé. Àńtíbọ́dì inú abẹ́rẹ́ á bá sẹ́ẹ̀lì ọmọ kó kúrò nínú ara ìyá kí ara rẹ̀ tó mọ̀ wọ́n. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀, máíkírógíráàmù 300, tó fún nǹkan bí mílílítà 30 ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Bí ẹ̀jẹ̀ tó dà pọ̀ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á gún un sí i.

Ṣùgbọ́n bí ara ìyá bá ti kọ́ àńtíbọ́dì náà fúnra rẹ̀, abẹ́rẹ́ kò lè mú un gbàgbé mọ́. Nítorí èyí ni dókítà fi gbọ́dọ̀ ronú dáadáa kó tó fa ẹ̀jẹ̀ pọ́sítíìfù sí ọmọbìnrin nẹ́gétíìfù kékeré lára, bí ẹ̀mí rẹ̀ kò bá sí nínú ewu lójú ẹsẹ̀, torí ogún ọdún lẹ́yìn náà ni oyún rẹ̀ máa wá sọ ohun tí wọ́n ṣe.